Èèyàn lọ, àga ò lọ: bí owó sọ́fítíwìà ṣe ń yí nígbà tí ikọ̀ bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù

Nígbà kan, òṣìṣẹ́ méjì fi ikọ̀ wa sílẹ̀ láàárín oṣù kan náà. Mo wọ ojú ìwé ìṣàkóso sọ́fítíwìà tí a fi ń ṣiṣẹ́, mo pa àkáǹtì àwọn méjèèjì rẹ́, mo sì sọ fún ọmọbìnrin tó ń bá wa tọ́jú owó pé iye tí a ń san yóò dín kù. Oṣù tó tẹ̀ lé e dé, owó ò dín. Oṣù kejì, bákan náà ni. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ti yọ àwọn èèyàn yẹn?" Mo yọ wọ́n lóòótọ́. Ohun tí n kò yọ ni àga tí wọ́n jókòó lé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ sọ́fítíwìà tí wọ́n ń tà lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò lè sọ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìwé owó tó dé, yóò sì mọ ọjọ́ tó lè dín in kù. Ẹ jẹ́ ká gbé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá nọ́ńbà méjì, ẹ má ṣe wá ẹyọ kan

Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun ń ta sọ́fítíwìà òun ní iye báyìí fún èèyàn kan lóṣù, ohun tó ń tà gan-an ni àyè. Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí ẹ háyà àga sí. Iye àga tí ẹ háyà ni ẹ ń san owó rẹ̀, yálà èèyàn jókòó sórí rẹ̀ tàbí kò jókòó. Nígbà tí ẹ bá ṣí àkáǹtì fún òṣìṣẹ́ kan, tí ẹ sì fún un ní láísẹ́ǹsì, ẹ kàn ní kó lọ jókòó ni. Bí ẹ bá pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, ó dìde. Àga rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá.

Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ló wà: iye àga tí a rà, àti iye àga tí a ti pín fún èèyàn. Lọ́pọ̀ sọ́fítíwìà, ojú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Iye èèyàn máa ń wà níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà, iye àga sì máa ń wà níbi ọ̀rọ̀ owó. Nínú Microsoft 365, fún àpẹẹrẹ, abẹ́ `Users` ni ẹ ti ń pa èèyàn rẹ́, abẹ́ `Billing` sì ni ẹ ti ń dín iye láísẹ́ǹsì kù. Bí ẹ bá ṣe èyí àkọ́kọ́, ìkejì kò ní ṣe ara rẹ̀. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́fítíwìà mìíràn ni tiwa.

Àwọn sọ́fítíwìà kan wà tó so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀: bí ẹ bá fi èèyàn kún un, àga pọ̀, bí ẹ bá yọ èèyàn, àga dín. Irú èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀ tí a óò dé láìpẹ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí ojú ìwé owó, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì. Bí ẹ bá rí gbólóhùn bíi `14 of 15 assigned`, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà: àga 15 lẹ ń san, èèyàn 14 ló jókòó.

Oríṣi kan tún wà tí kò ka orúkọ èèyàn rárá. Iye èèyàn tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà ló ń kà. Ogún èèyàn lè ní in lórí kọ̀ǹpútà wọn, ṣùgbọ́n bí àga 5 ni ẹ rà, ẹni kẹfà yóò dúró títí ẹnìkan yóò fi jáde. Àwọn kan lára sọ́fítíwìà àwọn ayàwòrán ilé àti ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń tà lọ́nà yìí. Àwọn kan máa ń ro pé àwọn lè fi ọgbọ́n sọ láísẹ́ǹsì olórúkọ di irú èyí nípa pé kí èèyàn mẹ́ta jọ máa lo páásíwọ́ọ̀dù kan. Àdéhùn lílò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló kọ èyí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ta ló ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ àkókò tí ẹ ti fọwọ́ sí

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí ni: títí di ọjọ́ wo ni ẹ ti ṣèlérí láti máa san owó àwọn àga náà? Kì í ṣe ọjọ́ tí owó ń jáde ni mò ń bi yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa san owó lóṣooṣù kí ó sì jẹ́ pé ọdún kan gbáko lẹ fọwọ́ sí. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ rú nìyí. Wọ́n rí i pé oṣù ni owó ń jáde, wọ́n bá rò pé oṣù náà làwọn lè dín in kù.

Google Workspace jẹ́ kí ó hàn kedere nínú orúkọ ètò rẹ̀. Nínú `Flexible Plan`, iye èèyàn tó wà lóṣù náà ni ẹ ń san owó rẹ̀; ẹ lè fi kún un, ẹ lè yọ nínú rẹ̀ nígbàkígbà. Nínú `Annual/Fixed-Term Plan`, ẹ ti ṣèlérí iye àga kan fún gbogbo àkókò àdéhùn. Ẹ lè fi kún un ní ọjọ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ìgbà ìsọdọ̀tun àdéhùn nìkan ni ẹ tó lè dín in kù. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni: ó rọrùn láti wọlé, ó sì di ọjọ́ kan pàtó kí ẹ tó jáde.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dínwó ni. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti ta àga kan ní owó tó kéré nítorí pé ẹ ti fi dá a lójú pé yóò rí owó náà fún ọdún kan. Bí ó bá wá jẹ́ kí ẹ dá àga padà lóṣù kẹta, ẹ ti gba ẹ̀dínwó ọlọ́dún fún ohun tí ẹ lò bí olóṣooṣù. N kò rí i bí ìyànjẹ, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbi tí èèyàn lè rí i.

Iṣẹ́ kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe kí n tó mú ètò. Ẹ mú owó àga kan fún ọdún kan nínú ètò ọlọ́dún, ẹ pín in pẹ̀lú owó àga kan lóṣù nínú ètò olóṣooṣù. Ká ní ètò ọlọ́dún jẹ́ dọ́là 180 fún àga kan, tí olóṣooṣù sì jẹ́ dọ́là 18. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 10. Ìyẹn ni pé àga tí ẹ óò lò ju oṣù 10 lọ lọ́dún, ètò ọlọ́dún ló dára fún un. Èyí tí ẹ óò lò fún oṣù 4 tàbí 5, olóṣooṣù ni. Ẹ kíyè sí i pé àga ni mo sọ, n kò sọ èèyàn. Àga kan lè gba èèyàn mẹ́ta lọ́dún kan, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, kí ó sì ṣì jẹ́ àga tí ẹ lò fún oṣù 12.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń kà sí èèyàn

Ẹ lè rò pé èyí kò le. Ẹ gbọ́ bí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣe ń kà á fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń san owó lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí, tí kò tíì dáhùn, òun náà ti gba àga. Ará ìta tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ jẹ́ kó wọ ibi ìpamọ́ kóòdù aládàáni kan ṣoṣo, ó gba àga. Bí ó bá jẹ́ ibi ìpamọ́ tí gbogbo ayé lè rí ni, kò gba nǹkan kan.

Láti inú èyí, ẹ lè rí àwọn tó máa ń gba àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí wọn. Ìwé ìpè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tí ẹ ṣì kọ. Alágbàṣe tó parí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àkáǹtì tí kì í ṣe èèyàn rárá, tí ẹ ṣí kí ẹ̀rọ kan lè máa gbé iṣẹ́ jáde ní òru. Àti ẹni kan náà tó ní ímeèlì méjì, tó fi ọ̀kan wọlé nínú ìpàdé kan tó sì fi ìkejì wọlé níbi iṣẹ́. Lójú sọ́fítíwìà, èèyàn méjì ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ dá dúró. Nínú Google Workspace, ẹni tí ẹ dá àkáǹtì rẹ̀ dúró láìpa á rẹ́ ṣì ń jẹ owó bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìdádúró tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni, kò gbé àga rẹ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ 4: Nígbà tí ẹ bá ń fi èèyàn kún un

Bí èèyàn bá dé láàárín oṣù tàbí láàárín ọdún, wọn kì í sábà gba owó gbogbo àkókò náà lọ́wọ́ yín. Iye ọjọ́ tó kù ni wọ́n ń ṣírò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

```
owó = iye àga tuntun × owó àga kan × (ọjọ́ tó kù ÷ gbogbo ọjọ́ àkókò náà)
```

Ká gbé ikọ̀ èèyàn 5 tó wà lórí ètò olóṣooṣù, dọ́là 18 fún àga kan. Oṣù kẹfà ní ọjọ́ 30, ọjọ́ kìíní oṣù sì ni owó máa ń jáde. Ẹni kẹfà dé ní ọjọ́ 16. Ọjọ́ tó kù, tí a bá ka ọjọ́ 16 fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, jẹ́ 15. Ìdajì oṣù nìyẹn, nítorí náà dọ́là 9 ni ikọ̀ náà yóò san lórí rẹ̀ fún oṣù náà.

Ó rọrùn báyìí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe máa ń hàn nínú ìwé owó, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi Stripe gba owó:

```
Unused time on 5 × Plan after 16 Jun      -45.00
Remaining time on 6 × Plan after 16 Jun    54.00
```

Ẹni tó ń tọ́jú owó wa rí irú ìlà méjì yìí, ó ní wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dá owó ètò àga 5 padà fún ìdajì oṣù tó kù (5 × 18 ÷ 2 = 45), wọ́n sì ta ètò àga 6 fún yín fún ìdajì oṣù kan náà (6 × 18 ÷ 2 = 54). Ìyàtọ̀ àárín wọn ni dọ́là 9 tí a ṣírò lókè. Bí ẹ bá rí i tí ó yàtọ̀ pẹ̀lú sẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ má dààmú: Stripe kì í ka ọjọ́, ìṣẹ́jú àáyá ló ń kà, nítorí náà wákàtí tí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà wà nínú ìṣirò.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gba dọ́là 9 náà lọ́jọ́ náà. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ìwé owó oṣù tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ẹ óò wá rí owó àga 6 fún oṣù keje, tí í ṣe dọ́là 108, pẹ̀lú dọ́là 9 ti oṣù kẹfà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 117. Lóṣù kẹjọ yóò padà sí 108. Bí ẹ kò bá mọ èyí, ẹ óò rò pé owó lọ sókè tó sì tún wálẹ̀ láìnídìí.

Ewu tí mo ní a óò dé nìyí. Nínú àwọn sọ́fítíwìà tó so èèyàn àti àga pọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ láti pe èèyàn wọlé ní àṣẹ láti ná owó yín. Ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó kàn fẹ́ kí oníbàárà kan wo nǹkan tó ṣe. Ó tẹ `Invite`, àga kan ti wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ ètò ọlọ́dún, àga náà kò ní jáde títí di ọjọ́ ìsọdọ̀tun, bí oníbàárà náà tilẹ̀ wò ó fún ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹni tó lè pe èèyàn, kí ẹ fi í sí ọwọ́ alábòójútó nìkan, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìpè kọ̀ọ̀kan máa dúró de ìfọwọ́sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ipò àlejò tàbí ipò òǹwòran wà tí kò jẹ owó. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń wà, ohun tí oníbàárà nílò kì í sì jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Nígbà tí ẹnìkan bá ń lọ

Ìtò iṣẹ́ ṣe pàtàkì níhìn-ín ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìlẹ̀kùn ni ẹ kọ́kọ́ máa tì: ẹ pa páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ dà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ti wọlé. Èyí kò kan owó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹrù. Fáìlì rẹ̀, ímeèlì rẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ẹ tó gba láísẹ́ǹsì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àkókò tí ẹ ní lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀. Ní Google Workspace, ẹ lè dá àkáǹtì tí ẹ pa rẹ́ padà láàárín ọjọ́ 20. Ní Microsoft 365, ọjọ́ 30 ni. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹ ò lè dá a padà mọ́. Fún àwọn tó ń lo Microsoft, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹ lè sọ àpótí ímeèlì ẹni tó lọ di àpótí àpapọ̀, tí kò nílò láísẹ́ǹsì níwọ̀n bí ohun inú rẹ̀ kò bá ti ju gígábáìtì 50 lọ. Àwọn oníbàárà á ṣì máa kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà, ẹ óò máa rí i, ẹ kò sì ní san owó àga fún un.

Ìgbà tí ẹrù bá ti kúrò ni ẹ tó gba láísẹ́ǹsì. Nọ́ńbà àwọn tó jókòó yóò dín ní ọ̀kan, àga kan yóò ṣófo. Ibi yìí ni ẹ ti máa pinnu: ṣé ẹ fẹ́ kí àga náà dúró de ẹlòmíràn, tàbí kí ó jáde?

Bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀, ẹ yọ ẹni àtijọ́ kí ẹ tó fi ẹni tuntun sí i. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹni tuntun sí i nígbà tí gbogbo àga ti kún, sọ́fítíwìà yóò ra àga mìíràn láìbéèrè, tàbí yóò béèrè pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tí ẹ óò tẹ̀ nítorí pé ẹ ń kánjú. Nínú ètò olóṣooṣù, ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ pàdánù. Nínú ètò ọlọ́dún, ẹ ti ra àga kan mọ́ ọn títí di òpin àdéhùn. Mo mọ̀ pé nígbà mìíràn ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fún irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, àga òfìfo kan tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe ìnáwó àsán.

Bí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀, tí ẹ sì wà lórí ètò olóṣooṣù, ẹ dín iye àga kù kí ọjọ́ owó tó dé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í dá owó oṣù tó ti wọlé padà. Bí ọjọ́ owó bá jẹ́ ọjọ́ 16, tí ẹ sì dín in kù ní ọjọ́ 17, ẹ ti san owó oṣù kan fún ẹni tó ti lọ. Àwọn kan máa ń fi owó ọjọ́ tó kù sílẹ̀ fún yín bíi kírẹ́díìtì tí wọn yóò yọ nínú ìwé owó tó ń bọ̀. Kì í padà sí báńkì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọdún kan gbáko, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká wo ikọ̀ kan tó mú ètò ọlọ́dún, dọ́là 180 fún àga kan, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025. Èèyàn 12 ni wọ́n, wọ́n ra àga 12, wọ́n san dọ́là 2,160.

Ní ọjọ́ 1 oṣù keje, èèyàn 3 dé. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún jẹ́ ọjọ́ 184 nínú 365. Àga kan di 180 × 184 ÷ 365, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dọ́là 90.74. Àga mẹ́ta jẹ́ 272.22. Àga ti di 15, èèyàn 15.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, èèyàn 2 lọ. Kò sí owó tó padà. Àga ṣì jẹ́ 15, èèyàn di 13.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ẹnìkan dé. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí alábòójútó bá mọ̀ pé àga 2 ṣófo, yóò fi ẹni tuntun sórí ọ̀kan, kò sì ní san kọ́bọ̀. Bí kò bá mọ̀, tó sì lọ ra àga kan sí i, yóò san owó ọjọ́ 92 tó kù: 180 × 92 ÷ 365, dọ́là 45.37. Owó yẹn kéré, òun gan-an ló sì jẹ́ kó rọrùn láti gbójú fò. Ohun tó tẹ̀ lé e ló wúwo. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, àdéhùn yóò sọ ara rẹ̀ dọ̀tun pẹ̀lú iye àga tó bá níbẹ̀. Alábòójútó yìí ní àga 16 fún èèyàn 14. Yóò san 2,880 níbi tó ti yẹ kó san 2,520. Dọ́là 360 nìyẹn, fún àga 2 tí kò sẹ́ni tó máa jókòó lé fún ọdún kan.

Ẹni àkọ́kọ́ náà kò tíì bọ́. Àga 15 ló ní fún èèyàn 14. Bí òun náà bá sùn lọ, àga kan tó ṣófo yóò gba 180 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ètò olóṣooṣù ì bá ti dára jù fún wọn, nígbà tí èèyàn ń wọlé tó ń jáde báyìí? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní dọ́là 18. Oṣù 6 àkọ́kọ́ pẹ̀lú èèyàn 12 jẹ́ 1,296. Oṣù keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án pẹ̀lú èèyàn 15 jẹ́ 810. Oṣù 3 tó kẹ́yìn pẹ̀lú èèyàn 14 jẹ́ 756. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,862. Nínú ètò ọlọ́dún, 2,160 àti 272.22 jẹ́ 2,432.22. Ètò ọlọ́dún ṣì dín ní bíi 430, pẹ̀lú àga òfìfo rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò yìí, nítorí mo ti rò pé ikọ̀ tó ń yí padà gbọ́dọ̀ máa san lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ikọ̀ náà, èèyàn 12 yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ikọ̀ tó ń ti 12 bọ́ sí 30 fún oṣù 2, tó tún padà sí 12, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yóò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìsọdọ̀tun

Nínú ètò ọlọ́dún, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní agbára lórí owó yín, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ìsọdọ̀tun fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí ẹ sọ fún wọn ṣáájú bí ẹ bá fẹ́ dín àga kù. Ọgbọ̀n ọjọ́ wọ́pọ̀, ọgọ́ta àti àádọ́rùn-ún náà wà. Ẹ wá gbólóhùn náà nínú àdéhùn, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà bí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí àdéhùn yín bá ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò fún yín láyè tó; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó ní àga jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú wọlé kẹ́yìn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Ẹni tó wà lórí àkọsílẹ̀ sọ́fítíwìà tí kò sí lórí ti owó oṣù, ẹ béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tí kò wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ bi òun fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́; mo ti yọ ẹnìkan tó jẹ́ pé ìparí ọdún nìkan ló ń lò ó, fún ìròyìn owó tí kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe é. Mo tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ iye èèyàn, ẹ wo ìdíwọ̀n kan kí ẹ tó kọ nọ́ńbà tuntun. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta àga ní márùn-ún márùn-ún tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì ní iye tó kéré jù tí ẹ lè rà. Bí èèyàn 14 bá wà, tí wọ́n sì ń tà á ní márùn-ún márùn-ún, 15 lẹ óò san, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Ẹ wá lọ dín nọ́ńbà náà kù lójú ìwé owó, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìwé, má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù, kí ẹ sì tọ́jú èsì tí wọ́n fún yín. Lọ́jọ́ tí àdéhùn tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí ìwé owó, ẹ wo iye àga tó wà nínú rẹ̀. Microsoft máa ń fúnni ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìsọdọ̀tun láti dín iye láísẹ́ǹsì kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di òpin àdéhùn. Àwọn mìíràn kì í fúnni ní ọjọ́ kankan. Bí ó bá yẹ kí nọ́ńbà náà jẹ́ 14 tí ẹ sì rí 15, ẹ kọ̀wé kí ọjọ́ náà tó ṣú.